Kí Ló Dá Oníbàárà Dúró? Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Lè Yàn Láàárín Ìwé Ìbéèrè àti Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Ní àsìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn bá ń parí prójẹ́ẹ̀tì wọn, ọwọ́ àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì kì í dilẹ̀. Ìwé ìbéèrè ni wọ́n ń tẹ̀ jù. Ojú ewé méjì tàbí mẹ́ta ni. Lẹ́tà kúkúrú kan máa ń wà lókè tó ń bẹ olùdáhùn pé kó fọkàn balẹ̀, wọn kò ní fi orúkọ rẹ̀ síta. Lẹ́yìn náà ni àwọn àpótí kéékèèké tí èèyàn máa fi máàkì sí, láti orí "Mo fara mọ́ ọn gidigidi" dé orí "N kò fara mọ́ ọn rárá". Bí ẹ bá wo àkọlé àwọn iṣẹ́ náà, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ ìdúróṣinṣin oníbàárà pọ̀ nínú wọn: ti báńkì, ti ilé oúnjẹ, ti nẹ́tíwọ̀kì fóònù. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ló ti pinnu pé ìwé ìbéèrè làwọn máa lò kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀. Ẹni tó ṣáájú wọn lò ó, ìwé tó ṣáájú ní láìbúrárì lò ó, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ wọn náà lò ó nígbà tirẹ̀.

Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lórí ìdúróṣinṣin oníbàárà ti ń ṣìnà. Ìwé ìbéèrè kò burú, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kò sì sàn jù ú lọ. Iṣẹ́ tí ọ̀kan ń ṣe ni èkejì kò lè ṣe, ọ̀rọ̀ ìdúróṣinṣin sì wà lára àwọn ọ̀rọ̀ tí ìyàtọ̀ yẹn ti ń hàn kedere.

Ẹ jẹ́ ká mú nẹ́tíwọ̀kì fóònù ní Nàìjíríà wò, nítorí kò sí ilé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dé. Ọdún 2001 ni àwọn ilé-iṣẹ́ GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílẹ̀ yìí. Ní 2003, Glo dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ìpè ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2013, àjọ NCC, tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, ṣí ọ̀nà kan sílẹ̀: ẹni tí nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ bá sú lè gbé nọ́ńbà rẹ̀ kan náà lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn. Èèyàn á rò pé oníbàárà á máa ṣí kiri láti ìgbà náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń gbé nọ́ńbà wọn lọ láàárín oṣù kan kì í tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àwọn láìnì tó ń ṣiṣẹ́ lórílẹ̀-èdè yìí.

Ẹni tó bá fi iye yẹn nìkan ṣe ìdájọ́ á ní oníbàárà wa dúró ṣinṣin, kò sí ibi tó ń lọ. Àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ráhùn nígbà tí dátà bá tán lójijì tàbí tí ìpè kò wọlé á mọ̀ pé ó ní láti jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló dá wọn dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ kọ prójẹ́ẹ̀tì lórí ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ mọ èyí tó fẹ́ wádìí nínú méjèèjì: iye àwọn tó dúró, tàbí ohun tó dá wọn dúró.

Àwọn onímọ̀ ti rí ìṣòro yìí tipẹ́. Ní 1994, Alan Dick àti Kunal Basu kọ àpilẹ̀kọ kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìtajà ṣì ń tọ́ka sí títí di òní. Wọ́n ní ohun méjì ló wà nínú ìdúróṣinṣin: ohun tí oníbàárà ń ṣe, ìyẹn pípadà wá rà léraléra, àti ojú tó fi ń wo ilé-iṣẹ́ náà nígbà tó bá fi wé àwọn mìíràn. Ẹni tó ń padà wá, tó sì fẹ́ràn wọn lóòótọ́, òun ni olóòótọ́ oníbàárà. Ẹni tó fẹ́ràn wọn ṣùgbọ́n tí kì í sábà rà, bóyá nítorí owó tàbí nítorí pé ibẹ̀ jìnnà, ìdúróṣinṣin tirẹ̀ fara pamọ́. Ẹni tí kò fẹ́ràn wọn, tí kì í sì í padà wá, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò ṣòro. Ẹni kẹrin ló ń da iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rú, ìyẹn ẹni tó ń padà wá lójoojúmọ́ ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ràn wọn. Ìdúróṣinṣin ojú lásán ni tirẹ̀. Ó dà bí obìnrin tí wọ́n bi léèrè ìdí tó ṣì fi wà nílé ọkọ, tó ní, "Ọmọ ni mo ń wò."

Ẹni kẹrin yìí pọ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì fóònù. Nọ́ńbà rẹ̀ ni BVN àti NIN rẹ̀ so mọ́, òun ni báńkì fi ń fi ìsọfúnni owó ránṣẹ́ sí i, òun ni gbogbo èèyàn rẹ̀ mọ̀ lórí Wásáàpù. Ó sì ní síìmù kejì nínú fóònù kan náà, ibẹ̀ ló ti ń ra dátà. Ṣé ó dúró ti ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni àbí kò dúró? Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá ronú lórí irú ìbéèrè yìí kó tó tẹ ìwé rẹ̀, ìwé náà kò ní ronú sí i bá a.

Ẹ jẹ́ ká wá tẹ̀ lé akẹ́kọ̀ọ́ kan tí a fojú inú dá, tó ń ṣe oyè ẹlẹ́ẹ̀kejì, tó fẹ́ wádìí ìdúróṣinṣin àwọn oníṣòwò inú ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn sí nẹ́tíwọ̀kì wọn. Ká ní ìwé ìbéèrè ló kọ́kọ́ mú.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kó mọ iye èèyàn tó máa fún ní ìwé. Ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, ìlànà Taro Yamane ni gbogbo ayé ń lò: n = N / (1 + N × e²). N ni iye gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, e ni àṣìṣe tí a lè fara mọ́, èyí tó sábà máa ń jẹ́ 0.05. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ wa ka ìsọ̀ apá ọjà tó yàn, ó sì rí 1,200. Yóò fi 0.05 pọ̀ sí ara rẹ̀, ìyẹn 0.0025, yóò fi í pọ̀ sí 1,200, yóò rí 3. Tó bá fi 1 kún un, ó di 4. Tó bá wá pín 1,200 sí ọ̀nà 4, 300 ló máa jáde. Bí ìsọ̀ bá tilẹ̀ tó mílíọ̀nù kan, ìlànà yìí kò ní fún un ju 400 lọ. Ìdí nìyí tí iye náà fi ń tún ara rẹ̀ wí nínú àwọn prójẹ́ẹ̀tì tó wà ní láìbúrárì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ̀ ni pé ìṣirò yìí ní àdéhùn kan nínú. Ó gbà pé ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn 1,200 náà ní àǹfààní kan náà láti bọ́ sínú àwọn tí a mú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe ìṣirò, tó rí 300, tó wá fi líǹkì sórí gúrúùpù Wásáàpù àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti ti ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ títí 300 fi pé, iye náà pé lóòótọ́, ṣùgbọ́n àdéhùn ti bàjẹ́. Àwọn tó dáhùn jẹ́ ọ̀dọ́ tó mọ ìwé, tó ní dátà ní ọjọ́ yẹn, tí wọ́n sì mọ akẹ́kọ̀ọ́ náà. Kò sí ìlànà Yamane tó lè sọ wọ́n di oníṣòwò Bódìjà. Ohun tó yẹ kó ṣe kò le: 1,200 pín sí 300 jẹ́ 4, nítorí náà kó mú ìsọ̀ kan nínú mẹ́rin. Kó ṣẹ́ gègé láàárín 1 sí 4 láti mọ ìsọ̀ tó máa fi bẹ̀rẹ̀. Bí 3 bá jáde, ìsọ̀ kẹta ni, lẹ́yìn náà ìkeje, lẹ́yìn náà ìkọkànlá, títí dé òpin. Bí olówó ìsọ̀ kò bá sí nílé, kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Kó má kàn bọ́ sí ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nítorí pé ẹni tó wà níbẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí i.

Iṣẹ́ kejì ni ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé náà. Láti 1932 tí Rensis Likert ti gbé òṣùwọ̀n onípele márùn-ún kalẹ̀, òun ni gbogbo wa ń lò, ó sì wúlò. Ibi tó ti ń ṣòro ni ìdáhùn tí wọ́n ń dà pọ̀. Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Nẹ́tíwọ̀kì mi yá, owó rẹ̀ kò sì wọ́n." Ẹni tí tirẹ̀ yá ṣùgbọ́n tó wọ́n, kí ni kó mú? Yóò mú àárín, akẹ́kọ̀ọ́ á sì rò pé kò ní èrò kan pàtó. Ó yẹ kí wọ́n gé gbólóhùn náà sí méjì.

Àkópọ̀ tó tún burú ju ìyẹn lọ ni ti ìgbẹ̀yìn, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kó gbogbo gbólóhùn ìdúróṣinṣin pọ̀, tó pín in, tó sì pe èyí tó jáde ní ìdúróṣinṣin oníbàárà. Fún àpẹẹrẹ, ká ní gbólóhùn "Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lórí nẹ́tíwọ̀kì yìí, mo ṣì ń lò ó" gba 4.3 nínú 5. Ká ní "Mo lè gba ọ̀rẹ́ mi níyànjú pé kó wá sórí nẹ́tíwọ̀kì yìí" gba 2.6. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, tí a pín in sí méjì, 3.45 ló máa jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ pé àwọn oníṣòwò Bódìjà dúró ṣinṣin níwọ̀n. Kò sí oníṣòwò kankan tó sọ bẹ́ẹ̀! Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn wà níbẹ̀, àwọn kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn wá. Ìròyìn tó tóbi jù nínú iṣẹ́ náà ti wọnú ìpíndọ́gba lọ, kò sì sí ẹni tó máa rí i mọ́. Ẹni tó bá fi ti ìṣe sí apá kan, tó fi ti ọkàn sí apá kejì, tó wá ka iye àwọn tó ga nínú ìṣe ṣùgbọ́n tí wọ́n rẹlẹ̀ nínú ọkàn, òun ló máa rí ẹni kẹrin tí Dick àti Basu sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìwé ìbéèrè lè sọ iye wọn fún un dáadáa. Bí ẹ bá rò pé ìwé ìbéèrè kò wúlò, ẹ wo ibí yìí: kò sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kankan tó lè sọ bóyá irú àwọn bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́wàá tàbí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún àwọn oníṣòwò apá ọjà náà.

Ìgbìmọ̀ máa ń béèrè nọ́ńbà kan lọ́jọ́ ìgbèjà, ìyẹn álífà tí Lee Cronbach gbé jáde ní 1951. Wọ́n á ní ṣé ó kọjá 0.7? Ó dára kó kọjá. Àmọ́ ohun tí álífà ń sọ kò ju pé àwọn gbólóhùn náà ń rìn pọ̀, pé ẹni tó mú 4 nínú ọ̀kan sábà máa ń mú 4 nínú èkejì. Kò sọ pé ìdúróṣinṣin ni wọ́n ń wọ̀n. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ọ̀nà márùn-ún sọ ọ̀rọ̀ kan náà, álífà á ga. Bí àwọn olùdáhùn kò bá tilẹ̀ kàwé náà, tí kálukú wọn kàn ń mú òpó kan ṣoṣo láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí wọ́n lè padà sídìí ọjà wọn, álífà á tún ga. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé ìdáhùn sórí kọ̀ǹpútà, kó kọ́kọ́ ṣí ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mú 4, 4, 4, 4 láti òkè dé ìsàlẹ̀, tó fi dé orí gbólóhùn tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ ní ìdàkejì, bíi "Bí mo bá rí ọ̀nà, mo máa kúrò lórí nẹ́tíwọ̀kì yìí", kò kà á. Kó yọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀, kó sì kọ iye tó yọ sínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ku ìṣòro kan tí ọ̀pọ̀ kì í rí. Bí ẹnì kan náà bá dáhùn ìbéèrè lórí ìtẹ́lọ́rùn àti lórí ìdúróṣinṣin nínú ìwé kan náà, ní ọjọ́ kan náà, inú dídùn tàbí ìbínú ọjọ́ yẹn á wọ inú méjèèjì. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá dára ní àárọ̀ náà, méjèèjì á ga pọ̀. Bí kò bá dára, méjèèjì á wálẹ̀ pọ̀. Kọ̀ǹpútà á wá sọ pé ìbáṣepọ̀ tó lágbára wà láàárín wọn, akẹ́kọ̀ọ́ á sì kọ ọ́ pé ìtẹ́lọ́rùn ló ń fa ìdúróṣinṣin. Ohun tó lè gbà á ni kó béèrè ìṣe gidi tó ní ọjọ́ nínú: "Láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, láìnì wo lẹ fi ra dátà jù?" Ìbéèrè tó dá lórí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ti ìbínú àárọ̀.

Wàyí o, ká ní akẹ́kọ̀ọ́ wa ti ṣe gbogbo èyí dáadáa, ó sì rí i pé ìdá tó pọ̀ nínú àwọn 300 náà wà níbẹ̀ láìfẹ́. Kí ló dá wọn dúró? Yóò wo ìwé rẹ̀. Ó béèrè nípa owó, nípa bí nẹ́tíwọ̀kì ṣe yá, nípa bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń dáhùn, nítorí pé ohun tí ìwé tó kà kọ náà nìyẹn. Kò béèrè nípa BVN. Kò béèrè nípa nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára ìsọ̀. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá mọ̀ kó tó kúrò nílé kò lè wọnú àpótí, olùdáhùn kò sì ní àyè láti fi í kún un. Èyí ni mo gbà pé ó yẹ kó pinnu irinṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa mú: ṣé ó lè jókòó sínú yàrá rẹ̀ lónìí, kó kọ gbogbo ìdáhùn tó ṣeé ṣe sílẹ̀? Bó bá lè ṣe é, kó lo ìwé ìbéèrè, kó lọ ka iye àwọn tó mú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá lè ṣe é, á jẹ́ pé kò tíì mọ ohun tó fẹ́ kà. Àfi kó lọ jókòó ti àwọn èèyàn kó gbọ́ tẹnu wọn.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹni tó bá wọ ọjà tó ní, "Ẹ kú ọjà mà, ṣé ẹ nífẹ̀ẹ́ nẹ́tíwọ̀kì yín?" á gbọ́ pé, "A dúpẹ́ o, wọ́n ń gbìyànjú." Ọ̀wọ̀ ló fi dáhùn yẹn. Bóyá ó tiẹ̀ rò pé ilé-iṣẹ́ náà ló rán akẹ́kọ̀ọ́ wá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fi káàdì ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ hàn, kó sọ pé òun kò bá ilé-iṣẹ́ kankan ṣiṣẹ́, kó gbàṣẹ kó tó tan fóònù tó fẹ́ fi gba ohùn sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kó béèrè ìṣẹ̀lẹ̀, kó má béèrè èrò. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìgbà wo lẹ rò ó kẹ́yìn pé ẹ fẹ́ fi láìnì yìí sílẹ̀? Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà?" Lẹ́yìn náà kó dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ṣòro fún àwọn ọ̀dọ́, wọ́n máa ń fẹ́ ran ẹni tó ń ronú lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ gidi sábà máa ń tẹ̀ lé e ni.

Irú ìdáhùn tó lè jáde lẹ́nu ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà nìyí: "Fi sílẹ̀ kẹ̀? Nọ́ńbà yìí làwọn tó ń kó ẹ̀wà wá fún mi láti Òkè-Ọya mọ̀. Òun ni báńkì fi ń ránṣẹ́ sí mi bí owó bá wọlé. Dátà ni mi ò rà sórí ẹ̀ mọ́, orí èkejì ni mo ti ń rà á." Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá béèrè níparí bóyá ìyá náà mọ̀ pé èèyàn lè gbé nọ́ńbà kan náà lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn, ó lè ní, "Mo gbọ́ ọ. Bó bá wá sọnù sójú ọ̀nà ńkọ́, ta ni màá bá sọ ọ́?" Nínú ọ̀rọ̀ díẹ̀ yìí, ohun mẹ́ta ló ti jáde tí kò sí nínú àpótí ìwé ìbéèrè: okùn òwò tó so mọ́ nọ́ńbà, owó dátà tó ti ṣí lọ láìjẹ́ pé láìnì kú, àti ìbẹ̀rù pé nọ́ńbà lè sọnù. Ẹ kíyè sí i pé ìparí ni ìbéèrè nípa gbígbé nọ́ńbà wà. Bó bá jẹ́ òun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti kọ́ ìyá náà ní ohun tó máa sọ.

Èèyàn mélòó ló yẹ kó bá sọ̀rọ̀? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń bẹ̀rù pé mẹ́wàá ti kéré jù. Ní 2006, Greg Guest, Arwen Bunce àti Laura Johnson padà lọ wo ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò 60 tí wọ́n ti ṣe fún àwọn obìnrin ní Gánà àti Nàìjíríà, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ tuntun ṣíwọ́ jíjáde. Wọ́n rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn 60 sọ ló ti jáde kí wọ́n tó parí ti 12 àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà ni 12 ti di iye tí àwọn èèyàn ń dì mú. Kí a má gbàgbé pé ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin náà jọra wọn, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì bi gbogbo wọn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá da oníṣòwò, òṣìṣẹ́ ìjọba àti akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, 12 kò ní tó, nítorí ohun tó so ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ́ láìnì rẹ̀ yàtọ̀. Kó dúró lórí oníṣòwò, kó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó kọ̀ọ̀kan pé kí ló jẹ́ tuntun. Bí ìjókòó méjì tàbí mẹ́ta bá tẹ̀ léra tí kò sí nǹkan tuntun, ó ti dé ibi tó ń lọ.

Kó rí i pé àwọn tó ti kúrò wà lára wọn. Èyí ṣe pàtàkì gan-an lójú mi. Ẹni tó bá lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ kan, tó ń pín ìwé fún àwọn tó ń wọlé, àwọn tó kù nìkan ló ń bá pàdé. Ẹni tó ti lọ kò ní wá síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló mọ ohun tó já okùn náà. Mẹ́rin nínú 12 tó bá jẹ́ àwọn tó ti ju síìmù wọn sílẹ̀ tàbí tí wọ́n ti gbé nọ́ńbà wọn lọ á sọ ohun tí àwọn mẹ́jọ tó kù kò lè mọ̀.

Ìnáwó rẹ̀ ńkọ́? Ìwé ìbéèrè ń gba ẹsẹ̀ àti owó fọ́tókọ́pì, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ń gba alẹ́. Ìjókòó 12 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 40 ìṣẹ́jú jẹ́ wákàtí mẹ́jọ ohùn. Títẹ wákàtí kan sílẹ̀ sábà máa ń gba wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, nítorí náà wákàtí 32 sí 48 ni kó fojú sọ́nà fún, kí a tó fi ariwo ọjà àti títúmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì kún un. Lẹ́yìn náà ni kíkà á léraléra, fífa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀, àti fífún wọn lórúkọ bíi "okùn òwò" tàbí "ìbẹ̀rù àtipàdánù nọ́ńbà", lọ́nà tí Virginia Braun àti Victoria Clarke ṣàlàyé ní 2006. Ibẹ̀ ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ti ń bàjẹ́ tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á ṣa gbólóhùn tó bá èrò rẹ̀ mu, á fi èyí tó tako ó sílẹ̀. A máa ń mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, torí ẹnu èèyàn méjì tàbí mẹ́ta ni gbogbo àyọlò rẹ̀ ti wá, a kò sì rí ẹnì kan ṣoṣo tó sọ ohun tó yàtọ̀. Kó ya tábìlì kan, kó kọ àwọn 12 sí ẹ̀gbẹ́, kó kọ orúkọ tó fún àwọn ọ̀rọ̀ náà sókè, kó sì máàkì ẹni tó sọ ọ́, ẹni tí kò sọ ọ́, àti ẹni tó tako ó.

Kó má sì kọ ọ́ láéláé pé "ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn oníṣòwò Bódìjà" bẹ̀rù pípàdánù nọ́ńbà nítorí pé mẹ́sàn-án nínú 12 sọ ọ́. Kò ṣẹ́ gègé yan àwọn 12 náà. Ó yàn wọ́n nítorí ohun tí wọ́n mọ̀.

Àwọn kan á ní, kí ló dé tí kò lo méjèèjì? Ó ṣeé ṣe, kódà fún ìdúróṣinṣin oníbàárà, òun ni mo fẹ́ràn jù, bí ọwọ́ bá ká a. Kó bá èèyàn mẹ́fà tàbí mẹ́jọ sọ̀rọ̀ kọ́kọ́, kó kó ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wọnú ìwé ìbéèrè, kó wá gbé e lọ sí ìsọ̀ 300 náà. "Mi ò lè fi láìnì yìí sílẹ̀ nítorí àwọn oníbàárà mi mọ̀ ọ́n" á di gbólóhùn tó ṣeé kà, tí oníṣòwò á sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ni. Ohun tí kò dára ni kí wọ́n fún èèyàn 300 ní ìwé, kí wọ́n wá bá ọ̀gá kan ní ilé-iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú orí kẹta pé àwọn lo ọ̀nà méjèèjì.

Bí ó bá jẹ́ ìwọ̀nba oṣù díẹ̀ ló kù kó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó mú ọ̀kan, kó sì jẹ́ kí àkọlé rẹ̀ bá a mu. Àkọlé tó sọ pé "Ipa tí ìtẹ́lọ́rùn ń kó lórí ìdúróṣinṣin" ti yan ìwé ìbéèrè tẹ́lẹ̀, nítorí kò sí bí èèyàn 12 ṣe lè fi ìwọ̀n ipa hàn. Àkọlé tó sọ pé "Ìdí tí àwọn oníṣòwò Bódìjà fi ń dúró lórí nẹ́tíwọ̀kì tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn" ti yan ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ó rọrùn kó bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tún àkọlé ṣe ní oṣù kìíní ju kó máa wá àlàyé lọ́jọ́ ìgbèjà, nígbà tí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ bá ṣí orí kẹta, tó sì béèrè bí àwọn 300 náà ṣe wọnú iṣẹ́ rẹ̀.